Orí Keje: Ìpè sí Ọjọ́ Ìmọ́tótó Àdúgbò àti Bí A Ṣe Ń Ya Ìdọ̀tí Sọ́tọ̀

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe bí ó bá ka orí yìí tán

1. Yóò lè wọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kí ó sì ṣírò iye ènìyàn, àpò àti ọkọ̀ tí iṣẹ́ náà yóò gbà.
2. Yóò lè ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ bí ó ṣe ń ṣà á, kí ó sì sọ ibi tí oríṣi kọ̀ọ̀kan ń lọ.
3. Yóò lè kọ ìpè kúkúrú tí ará àdúgbò yóò kà, tí wọn yóò sì jáde.

7.1 Ìdí tí a fi ń pe ènìyàn

Láàárín ọdún 1984 sí 1985, nígbà ìjọba ológun Muhammadu Buhari, ni ètò ìmọ́tótó oṣooṣù bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, lábẹ́ ìpolongo tí ìjọba fi ń gbógun ti ìwà àìníbàáwí. Ní Èkó, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Láti aago méje sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn, ẹni tí wọ́n bá sì bá lójú títì láìnídìí, ìjọba yóò fìyà jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí fi wà. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì sọ pé kò bófin mu láti sé ènìyàn mọ́lé nítorí ìmọ́tótó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé ìséde náà.

Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tó bá fẹ́ tún òpópónà rẹ̀ ṣe kò lè gbára lé ọlọ́pàá pé yóò lé ènìyàn síta. Ó ní láti pè wọ́n. Ẹni tí a pè lè wá, ó sì lè máà wá. Bí ó bá wá lẹ́ẹ̀kan, tí ó dúró títí aago mẹ́jọ láìrí ṣọ́bìrì, tàbí tí ó kó ẹrẹ̀ jáde tí òjò sì gbá a padà sínú gọ́tà lọ́sẹ̀ kejì, kò ní wá mọ́. Nítorí náà, ibi tí iṣẹ́ ìpè ti bẹ̀rẹ̀ ni wíwọn iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni a óò mú bírò.

Irú ìpè bẹ́ẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wíwọn iṣẹ́, wáyé ní orílẹ̀-èdè Estóníà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 2008, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ènìyàn jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì kó ìdọ̀tí tó lé ní 10,000 tọ́ọ̀nù kúrò nínú igbó àti lẹ́bàá ọ̀nà. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn kan ti lọ káàkiri, wọ́n ti ya àwòrán ààtàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti fi ibi tí ó wà sórí máàpù. Ẹni tó jáde lọ́jọ́ náà ti mọ ibi tí òun ń lọ àti ohun tí òun yóò bá níbẹ̀. Ohun tí a óò ṣe nínú orí yìí nìyẹn, ṣùgbọ́n lórí òpópónà kan ṣoṣo.

7.2 Ìṣẹri Olówóra: ilẹ̀ àti omi

Ìṣẹri Olówóra wà lábẹ́ ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìkòsí-Ìṣẹri, ní Kòsọ́fẹ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Odò Ògùn kò jìnnà síbẹ̀; ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìṣẹri kọjá lọ bọ́ sínú ọ̀sà. Òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù keje. Ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí ó tó tún rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ní ìgbà kejì yìí ni wọ́n sábà máa ń ṣí omi sílẹ̀ láti ìdídò Òyán, tí odò yóò sì kún dé etí ilé àwọn tó ń gbé létí rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹni tó ń kọ ìpè mọ ìyàtọ̀ láàárín omi méjì yìí. Omi òjò tó rọ̀ sórí òpópónà ni gọ́tà wà fún. Bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìgò ike àti ẹrẹ̀ bá dí i, omi náà yóò gun ojú ọ̀nà, yóò sì wọ ṣọ́ọ̀bù àti pálọ̀. Èyí ni ọjọ́ ìmọ́tótó lè tún ṣe. Ṣùgbọ́n bí odò bá ti ga ju ẹnu gọ́tà lọ níbi tí gọ́tà ti ń bọ́ sínú rẹ̀, omi kò ní ibi tí yóò gbà mọ́, ó lè padà sẹ́yìn pàápàá, bí ó ti wù kí gọ́tà náà mọ́ tó. Kò yẹ kí ìpè kankan ṣèlérí pé omi kò ní wọlé mọ́. Ẹni tí a bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún yóò pe ẹgbẹ́ ní òpùrọ́ bó bá di oṣù kẹwàá.

Bí a ṣe lè mọ èyí tó ń ṣe òpópónà wa kò le. Lẹ́yìn òjò, nígbà tí ojú ọ̀run ti là fún bíi wákàtí kan, ẹ ju ewé gbígbẹ kan sínú gọ́tà. Bí ewé náà bá ń lọ, omi ń rí ọ̀nà gbà. Bí ó bá dúró sójú kan, ẹ máa tọ gọ́tà náà lọ sí ìsàlẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tí ìdọ̀tí ti ṣù jọ. Ó sábà máa ń jẹ́ abẹ́ síláàbù tí ẹnìkan gbé lé gọ́tà kí ọkọ̀ rẹ̀ lè wọlé, tàbí abẹ́ afárá kékeré ní oríta. Ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ohunkóhun tó dí i, tí ewé náà kò sì lọ, ó lè jẹ́ pé odò ti ga ju ẹnu gọ́tà lọ, tàbí pé ìsàlẹ̀ gọ́tà kò rọ̀ sísàlẹ̀ bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ ìjọba àti ti ẹlẹ́rọ ni ìyẹn, ṣọ́bìrì kò lè tún un ṣe.

7.3 Wíwọn iṣẹ́: àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká mú òpópónà kan ní Olówóra tó gùn ní 300 mítà, tí gọ́tà sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Gọ́tà náà lápapọ̀ jẹ́ 600 mítà. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ó fẹ̀ ní 40 sẹ̀ǹtímítà, àti pé nígbà tí a ki igi bọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jìn ní 10 sẹ̀ǹtímítà. Ó dà bí ohun kékeré lójú. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀:

- Mítà kan gọ́tà: 0.4 × 0.1 × 1 = 0.04 mítà kúbíìkì, ìyẹn 40 lítà ẹrẹ̀.
- Lítà kan ẹrẹ̀ tútù wúwo tó nǹkan bí kílò 1.6. Nítorí náà, 40 × 1.6 = kílò 64 ní mítà kọ̀ọ̀kan.
- Gbogbo òpópónà: 64 × 600 = kílò 38,400. Ó lé ní tọ́ọ̀nù 38.

Típà tó ń gbé tọ́ọ̀nù márùn-ún yóò lọ nígbà mẹ́jọ. Kò sí ọgbọ̀n ènìyàn tó lè kó èyí tán láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọn yóò fi ìtara bẹ̀rẹ̀, wọn yóò kó ẹrẹ̀ jọ sí etí gọ́tà, agara yóò dá wọn, kálukú yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Òjò àkọ́kọ́ yóò gbá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Nítorí náà, a óò dín iṣẹ́ náà kù. A óò mú 50 mítà tó burú jù lọ, níbi tí ewé wa ti dúró, fún ẹrẹ̀. Ìdọ̀tí gbígbẹ nìkan ni a óò ṣà ní ìyókù òpópónà. Ẹrẹ̀ 50 mítà jẹ́ 64 × 50 = kílò 3,200. Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo ni a óò lò. Bí a bá kún un dé ẹnu, àpò kan lè wúwo tó kílò 100, ẹni tó bá sì gbé e lè ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ léṣe. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni kí a kún, bíi kílò 32. A óò nílò àpò 100. Típà kan yóò gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láti aago méje sí mẹ́wàá jẹ́ ìṣẹ́jú 180. Bí a bá yọ ìṣẹ́jú 30 fún ìsinmi àti omi mímu, ó ku 150. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ń wa ẹrẹ̀ nígbà kan náà, mítà 17 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án fún mítà kan. Ó ṣeé ṣe bí wọ́n bá ń gba ara wọn láyè, nítorí náà mẹ́fà ni a óò wá, kí mẹ́ta máa sinmi bí mẹ́ta ti ń ṣiṣẹ́. Mẹ́ta yóò máa la ẹnu àpò. Mẹ́rin yóò máa ti bárò méjì. Bí bárò kan bá ń gbé àpò méjì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò lọ nígbà 25. Iye ènìyàn níbi gọ́tà jẹ́ 13. Ẹ fi mẹ́wàá kún un fún ìdọ̀tí gbígbẹ, àti méjì fún omi, ọṣẹ àti kíkọ nǹkan sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 25. Ọgbọ̀n ni kí a pè, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó sọ pé òun ń bọ̀ ló máa ń wá.

Ohun kan ṣì kù tí a gbọ́dọ̀ parí kí ìpè tó jáde. Ọkọ̀ PSP tó ń kó ìdọ̀tí ilé máa ń tẹ ìdọ̀tí mọ́ra nínú, ẹrẹ̀ àti iyanrìn sì máa ń ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́. Kò ní gba ẹrẹ̀ gọ́tà. Ẹgbẹ́ ní láti wá típà, tàbí kí wọ́n kọ̀wé ṣáájú sí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí sí iléeṣẹ́ ètò àyíká ìpínlẹ̀, tó ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la gọ́tà. Ìdọ̀tí gbígbẹ tí kò wúlò ni a óò bá PSP àdúgbò sọ̀rọ̀ lé lórí, kí ó wá ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Bí PSP kò bá dáhùn, LAWMA ló ń bójú tó wọn. Ọdún 1977 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ tó padà di LAWMA sílẹ̀, òun náà ló sì ń darí Olúsosùn ní Ọ̀jọ́ta, ààtàn ńlá tí kò jìnnà sí Olówóra. Bí a kò bá tíì rí ọkọ̀, kí a sún ọjọ́ síwájú.

7.4 Yíya ìdọ̀tí sọ́tọ̀

Ibi tí a ti ń ṣa ìdọ̀tí ni a ti ń yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan pé òun yóò wá yà á nígbà tó bá yá ti ba iṣẹ́ jẹ́. Omi ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tó ti bàjẹ́ yóò ti ta sára páálí, ìgò tó fọ́ yóò ti farapamọ́ sínú ọ̀rá, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú àpò náà mọ́.

Ìlà ènìyàn márùn-ún ni ọ̀nà tó rọrùn. Wọn yóò máa rìn tẹ̀ léra wọn, oríṣi kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì máa ṣà.

Ẹni àkọ́kọ́ mú garawa onírin àti ẹ̀mú lọ́wọ́. Ohun tó lè gúnni tàbí pani lára ni tirẹ̀: ìgò tó fọ́, bíléèdì, abẹ́rẹ́, bátìrì, gúlóòbù. Òun ló ń ṣíwájú, kí ọ̀nà lè mọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán mú ohunkóhun. Abẹ́rẹ́ yóò wọ inú ìgò ike líle tó ní ìdérí. Bátìrì fóònù tó ti wú ni kó máà tẹ̀, kó máà sì jù ú sínú àpò páálí, nítorí ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Gúlóòbù gígùn onífunfun ní májèlé nínú. Kó gbé e síbi tí kò ti ní fọ́.

Ẹni kejì ń ṣa ìgò ike. Yóò da ohun tó kù nínú rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹ yí ìdí ike wò: ẹ ó rí igun mẹ́ta kékeré kan tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Ìgò omi àti ìgò míníráàlì jẹ́ nọ́ńbà 1. Ìgò ọṣẹ sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà 2. Ìdérí ìgò kì í sábà jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú ara ìgò. Ẹ gé díẹ̀ lára ìgò omi, ẹ gé díẹ̀ lára ìdérí rẹ̀, ẹ jù wọ́n sínú omi: ara ìgò yóò rì, ìdérí yóò léfòó. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ olùrà fi máa ń fẹ́ kí a yà wọ́n. Bí a bá kó ìgò ike kékeré bíi 50 jọ, ó tó kílò kan. Bí omi tàbí iyanrìn bá wà nínú rẹ̀, olùrà yóò mọ̀, yóò sì dá gbogbo àpò náà padà.

Ẹni kẹta ń ṣa ọ̀rá: píọ̀ wọ́tà àti láílọ́ọ̀nù. Nọ́ńbà 4 ló wọ́pọ̀ lára wọn. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù méjì lọ, nítorí náà omi tó kù nínú rẹ̀ lè wúwo ju ọ̀rá fúnra rẹ̀. Kí ó gbọn ọ́n gbẹ. Láílọ́ọ̀nù dúdú tí epo tàbí ọbẹ̀ ti ta sí kì í ní olùrà; tọ́dọ̀ ẹni karùn-ún ni ìyẹn ń lọ.

Ẹni kẹrin ń ṣa agolo, irin àti páálí, nínú àpò méjì. Àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù yóò gba agolo àti irin. Páálí gbígbẹ ní olùrà, èyí tó tutù kò ní. Agolo flíìtì ìpẹ̀fọn kò gbọdọ̀ súnmọ́ iná, nítorí yóò bú gbàmù bí ó bá gbóná, ì báà ti ṣófo.

Ẹni karùn-ún mú réèkì, ohun tó bá ṣẹ́kù ló ń kó: ewé, aṣọ tó ti ya, páḿpà ọmọ, àti àwo fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn fòfin de àwo fóòmù yìí, síbẹ̀ a ṣì ń bá a nínú gọ́tà. Nọ́ńbà 6 ni, kò sí ẹni tó ń rà á. Àpò yìí nìkan ni PSP yóò gbé.

Bí a bá pín in báyìí, àpò tí ọkọ̀ PSP yóò gbé kò ní pọ̀. Ìgò, ọ̀rá, irin àti páálí yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rà á. Ní Èkó, iléeṣẹ́ Wecyclers, tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ ní ọdún 2012, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ máa ń gba ìdọ̀tí tí a ti yà lọ́wọ́ àwọn ará ilé. Wọn yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò sì fi máàkì san án, tí a óò fi gba nǹkan ìlò. Owó tí ẹgbẹ́ bá rí lórí ìgò ọjọ́ náà, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì kà á létí gbogbo ènìyàn.

Ìdọ̀tí oúnjẹ kì í sábà pọ̀ lójú títì, inú ilé ló wà. Nítorí náà ni ìpè wa yóò ṣe bẹ ará ilé pé, láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n gbé garawa méjì sí ilé ìdáná: ọ̀kan fún ohun tútù, ọ̀kan fún ohun gbígbẹ. Èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ewúrẹ́. Kí a sá a gbẹ, kí a sì kó o fún ẹni tó ń sin ẹran. Ohun tútù tí a dà pọ̀ mọ́ ike tí a sì gbé lọ sí ààtàn yóò jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, yóò sì máa tú gáàsì tó lè gbiná jáde. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná sọ ní Olúsosùn, èéfín rẹ̀ sì bo àwọn àdúgbò tó yí i ká fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

7.5 Ìpè náà

Èyí ni àpẹẹrẹ ìpè tí ẹgbẹ́ kan lè lẹ̀ mọ́ ògiri, kí wọ́n kà ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ohun tó bá àdúgbò rẹ̀ mu dí àwọn àlàfo.

> Ẹ̀yin ará Òpópónà ………, Ìṣẹri Olówóra
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o. Gọ́tà wa ti dí láti ojú ilé kejìlá títí dé oríta. Òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta. A fẹ́ la 50 mítà yìí, kí a sì ṣa ìdọ̀tí gbígbẹ ní gbogbo òpópónà.
>
> Ọjọ́: Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kejì, aago méje sí mẹ́wàá òwúrọ̀. Ibi ìpàdé: oríta.
>
> A ń wá ọgbọ̀n ènìyàn: mẹ́fà tó lè wa ẹrẹ̀, mẹ́ta tí yóò la ẹnu àpò, mẹ́rin tí yóò ti bárò, mẹ́wàá tí yóò ṣa ìdọ̀tí, méjì fún omi àti ìwé, àti márùn-ún tí yóò dúró fún ààyè ẹni tí kò bá wá. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ kò lè tẹ̀, ìjókòó ni iṣẹ́ ìwé àti omi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 lè ṣa ìgò ike àti páálí pẹ̀lú òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan garawa onírin.
>
> Ohun tí ẹ óò mú wá: bàtà òjò tàbí bàtà tó bo ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ nípọn, àpò ìrẹsì márùn-ún. Ẹni tó ní ṣọ́bìrì, réèkì tàbí bárò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ yín sí i lára. Ẹgbẹ́ yóò pèsè omi, ọṣẹ àti oògùn ojú ọgbẹ́.
>
> Láti òní títí di ọjọ́ náà: ẹ má da ohun tútù mọ́ ohun gbígbẹ nílé. Ẹ gbọn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ẹ da omi inú ìgò nù. Ẹ fi ìwé di ìgò tó fọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sí i lára.
>
> Ibi tí gbogbo rẹ̀ ń lọ: típà yóò kó ẹrẹ̀, PSP yóò kó àṣẹ́kù ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, a óò ta ìgò àti irin, a óò sì ka owó rẹ̀ fún yín. A kò ní sun ohunkóhun.
>
> Ẹ fi orúkọ yín àti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe ránṣẹ́ sí akọ̀wé kó tó di Ọjọ́bọ̀: ………

Ẹ kíyè sí bí a ṣe kọ ọ́. Kò sí ibi tí ìpè náà ti wàásù pé ìmọ́tótó dára. Ẹni tí omi ti wọ ilé rẹ̀ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ibi tí iṣẹ́ wà, ó sì sọ ibi tí yóò parí sí. Ó ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹni tó ní ẹ̀yìn ríro lè rí tirẹ̀ ṣe. Oṣù kejì ni a mú, torí ẹrẹ̀ ti gbẹ díẹ̀ nígbà náà, kò wúwo bíi ti ìgbà òjò. Gbólóhùn tó sọ ibi tí ìdọ̀tí ń lọ ni ọ̀pọ̀ ìpè máa ń fò. Òun gan-an ni ẹni tó ti jáde rí tí iṣẹ́ rẹ̀ sì já sí asán yóò kọ́kọ́ wá.

7.6 Ohun tó máa ń bà á jẹ́, àti bí a ṣe ń mọ̀

*Típà kò dé.* Kí a má tú ẹrẹ̀ sílẹ̀. Kí a di ẹnu àpò, kí a tò wọ́n sórí ilẹ̀ líle tó jìnnà sí gọ́tà, kí ẹnìkan sì gba iṣẹ́ wíwá ọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àpò tí a kò dì ni òjò ń tú.

*Àwọn ènìyàn ń dáná sun àṣẹ́kù.* Ike àti fóòmù tó ń jó ń tú èéfín olóró jáde. Bí ẹ bá rí èéfín lọ́jọ́ náà, ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ pẹ́ jù tàbí pé àpò kò tó.

*Ọgbẹ́ gọ́tà.* Omi gọ́tà ní ìtọ̀ eku nínú, ó sì lè fa ibà líle. Ìṣó àti irin tó dípẹtà lè fa àrùn ipá. Ẹni tó bá farapa, kí ó fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ ipá. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà pé òun wọ gọ́tà.

*Gọ́tà tún dí lóṣù tó tẹ̀ lé e.* Ẹ tún ju ewé sí i lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ àti lẹ́yìn òjò kẹta. Bí ó bá dúró ní ibi kan náà, ẹ wo ohun tó dí i. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá àti ìgò, àwọn tó ń da ìdọ̀tí síbẹ̀ kò jìnnà, ibẹ̀ sì ni kí ẹ gbé garawa ìdọ̀tí sí. Bí ó bá jẹ́ iyanrìn, ẹ wo òkè: ẹnìkan ń kọ́lé, ó sì da yẹ̀pẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Gọ́tà kan fẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ jìn ní 8 sẹ̀ǹtímítà. Kílò mélòó ló wà ní mítà kan? Àpò oníkílò 32 mélòó ni 30 mítà yóò gbà?
2. Ẹ kó ike márùn-ún jọ nílé yín. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé díẹ̀ lára wọn, ẹ jù wọ́n sínú omi, ẹ sì kọ èyí tó rì àti èyí tó léfòó.
3. Bí ènìyàn 18 péré bá jáde dípò 25, iṣẹ́ wo ni ẹ óò dín kù: ẹrẹ̀ ni tàbí ìdọ̀tí gbígbẹ? Ẹ fi ìṣirò gbe ìdáhùn yín lẹ́sẹ̀.
4. Ẹ ju ewé sínú gọ́tà òpópónà yín lẹ́yìn òjò. Ẹ ya àwòrán ọ̀nà náà, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí ewé dúró.
5. Ẹ fi èsì iṣẹ́ kẹrin kọ ìpè tí kò ju 200 ọ̀rọ̀ lọ. Kí ẹnìkejì yín kà á, kí ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta láìbi yín léèrè: kí ni mo máa ṣe, kí ni mo máa mú wá, níbo ni ìdọ̀tí náà ń lọ? Bí kò bá lè dáhùn ọ̀kan nínú wọn, ẹ tún ìpè náà kọ.